Ìbéèrè àti ìdáhùn: bí a ṣe ń jẹ́rìí sí i pé fífi nọ́ńbà kún híìpù kò ní àṣìṣe

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé: fífi nọ́ńbà tuntun kún híìpù. Kóòdù rẹ̀ kò ju ìlà méje lọ, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ẹ̀rí rẹ̀ tó máa ń gbé èèyàn ṣubú, ibẹ̀ gan-an la sì máa pẹ́ sí.

Híìpù wo lẹ ń sọ, báwo ló sì ṣe jókòó sínú àtòjọ?

Híìpù tí J. W. J. Williams gbé jáde ní 1964 ni, èyí tí a fi nọ́ńbà tó kéré jù sí orí. Ẹ kà á sí agboolé kan tí a tò sórí ìlà kan. Ẹni tó wà ní ipò `0` ni olórí ilé. Ẹni tó wà ní ipò `i` kò lè ní ju ọmọ méjì lọ, ipò `2*i+1` àti `2*i+2` ni wọ́n ń gbé. Tí ẹ bá ń wá òbí ẹni tó wà ní ipò `k`, ẹ yọ 1 kúrò nínú `k`, ẹ fi 2 pín ohun tó kù, ẹ sì ju ìdajì nù bó bá ṣẹ́kù: `(k-1)//2`.

Òfin ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà òbí kò gbọdọ̀ tóbi ju ti ọmọ. Àwọn ọmọ ìyá méjì kò ní òfin kankan láàárín ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ lè tóbi, ó sì lè kéré. Ìdí nìyẹn tí híìpù kì í fi í ṣe àtòjọ tí a ti tò láti kékeré dé ńlá.

Kóòdù wo la fẹ́ jẹ́rìí sí?

Èyí ni, ní Python:

```python
def fi_kun(A, x):
    A.append(x)
    i = len(A) - 1
    while i > 0 and A[i] < A[(i-1)//2]:
        p = (i-1)//2
        A[i], A[p] = A[p], A[i]
        i = p
```

A fi àlejò `x` sí ìparí ìlà. Bó bá kéré ju òbí rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ ipò, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú òbí tuntun tó bá lókè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí yóò fi dé orí tàbí títí yóò fi bá òbí tí kò tóbi jù ú lọ.

Kí lẹ ń pè ní gbólóhùn àìyẹ̀?

Òun la fi ń jẹ́rìí sí lúùpù, ìyẹn ìlà `while` àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: gbólóhùn kan nípa ohun tó wà lọ́wọ́ kóòdù, tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá dé ẹnu ọ̀nà lúùpù, ìyẹn kó tó yẹ ìlà `while` wò. Nínú lúùpù fúnra rẹ̀, ó lè má jẹ́ òtítọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ nọ́ńbà méjì, tí a kò sì tíì yí `i` padà, gbólóhùn náà lè wó, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Kó sáà ti padà dúró kí a tó tún dé ẹnu ọ̀nà.

Robert Floyd ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rí yìí kalẹ̀ dáadáa ní 1967, pẹ̀lú àwòrán tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń ṣàn hàn. Tony Hoare sọ ọ́ di òfin fún ìlà `while` ní 1969. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní ká fi hàn: pé gbólóhùn náà jẹ́ òtítọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí a dé ẹnu ọ̀nà, pé bó bá jẹ́ òtítọ́ tí a sì wọlé, yóò ṣì jẹ́ òtítọ́ nígbà tí a bá padà dé, àti pé nígbà tí lúùpù bá parí, gbólóhùn náà pẹ̀lú ìdí tí a fi jáde tó láti fún wa ní ohun tí a ń wá. Yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé lúùpù yóò dúró lọ́jọ́ kan.

Ṣé kò tó kí n sọ pé “òfin híìpù dúró níbi gbogbo àyàfi láàárín `i` àti òbí rẹ̀”?

Ibi tí èèyàn ti ń ṣubú rèé. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe irọ́. Gbogbo ìgbà tí kóòdù wa bá dé ẹnu ọ̀nà ló máa ń jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ara rẹ̀ láti àyípo kan dé èkejì, ẹ̀rí tí ẹ bá sì kọ́ lé e lórí yóò ya.

Ẹ wo àtòjọ yìí, kí `i` jẹ́ 1:

```
ipò:    0  1  2  3
nọ́ńbà:  5  1  6  3
```

Ipò 2 ní 6, òbí rẹ̀ ní 5, ó dára. Ipò 3 ní 3, òbí rẹ̀ tó wà ní ipò 1 ní 1, ìyẹn náà dára. Ipò 1 nìkan ni kò bá òbí rẹ̀ rẹ́, òun la sì yọ sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn jẹ́ òtítọ́ pátápátá. Ó yá, ẹ jẹ́ kí lúùpù ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan: 1 kéré ju 5, wọ́n pààrọ̀, `i` di 0.

```
ipò:    0  1  2  3
nọ́ńbà:  1  5  6  3
```

Òbí tó wà ní ipò 1 ti di 5, ọmọ rẹ̀ ní ipò 3 sì jẹ́ 3. Òfin ti wó níbi tí a kò fojú sí, lúùpù á sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí `i` ti di 0.

Ẹ lè sọ pé kóòdù wa kò lè bá irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ pàdé láé, òótọ́ sì ni. Àmọ́ níbo ni ìyẹn wà nínú gbólóhùn yín? Ẹni tó ń yẹ ẹ̀rí wò kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àyípo tó kọjá. Gbólóhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ nìkan ló gbà lọ́wọ́ yín. Bí nǹkan kan bá wà tó ń dènà àtòjọ burúkú yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan náà sínú gbólóhùn.

Kí ló wá kù tó yẹ ká kọ sí i?

Ohun tó kù ni àjọṣe láàárín òbí `i` àti àwọn ọmọ `i`, ìyẹn àárín bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ. Nínú àpẹẹrẹ burúkú yẹn, bàbá àgbà jẹ́ 5, ọmọ-ọmọ jẹ́ 3. Nígbà tí `i` bá gòkè, bàbá àgbà ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá di òbí fún ọmọ-ọmọ yẹn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ṣáájú pé àwọn méjèèjì yóò bára wọn gbé.

Gbólóhùn wa ní kíkún rèé, ó ní ẹ̀ka mẹ́ta:

1. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú `A` ni ti àtijọ́ gan-an, pẹ̀lú `x`. Ẹyọ kan kò sọnù, ẹyọ kan kò di méjì. `i` sì jẹ́ ipò tó wà nínú `A` ní tòótọ́.
2. Fún gbogbo ipò `k` tó ju 0 lọ, tí kì í ṣe `i`, òbí `k` kò tóbi ju `k` lọ.
3. Bí `i` bá ju 0 lọ, òbí `i` kò tóbi ju ọmọ `i` kankan lọ.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó jẹ́ òtítọ́ kí lúùpù tó bẹ̀rẹ̀?

Èyí kò gba àkókò. A ti fi `x` sí ìparí, nítorí náà ẹ̀ka kìíní dúró. Àtòjọ àtijọ́ jẹ́ híìpù, ipò tuntun nìkan ló sì wọlé, ìyẹn `i` tí a yọ sílẹ̀. Ẹ̀ka kejì dúró. Ní ti ẹ̀ka kẹta, bí `n` bá jẹ́ iye nọ́ńbà tó wà nínú `A` báyìí, `i` jẹ́ `n-1`, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò sì wà ní ipò `2*n-1`. Ìyẹn kò lè kéré ju `n`, torí náà `i` kò ní ọmọ rárá, kò sì sí ẹni tí òfin náà lè bá wí.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí a gbà láìjanpata ni pé àtòjọ àtijọ́ jẹ́ híìpù. Bí ẹnì kan bá gbé àtòjọ lásán fún `fi_kun`, ẹ̀rí yìí kò ṣe ìlérí kankan fún un.

Ẹ mú mi gba inú lúùpù kọjá, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà tó wà ní ipò `i` ní `v`, ká pe ti òbí rẹ̀, ní ipò `p`, ní `w`. A wọlé nítorí pé `i` ju 0 lọ, `v` sì kéré ju `w`. Lẹ́yìn pípààrọ̀, `v` wà ní ipò `p`, `w` wà ní ipò `i`, `p` sì ni yóò di `i` tuntun.

Pípààrọ̀ kì í fi kún nǹkan, kì í sì í yọ nǹkan, ẹ̀ka kìíní kò ní wàhálà.

Ẹ̀ka kejì ló gba kí a wo ilé kọ̀ọ̀kan tí pípààrọ̀ náà kàn. Ipò `i` àtijọ́ ní `w` báyìí, òbí rẹ̀ sì ní `v`. `v` kéré ju `w`, ó parí. Ọmọ ìyá `i`, bó bá wà, wà lábẹ́ `w` tẹ́lẹ̀, ẹ̀ka kejì sì ti sọ pé `w` kò tóbi jù ú lọ. Òbí rẹ̀ ti wá di `v` tó tún kéré sí i, nítorí náà ara rẹ̀ balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó ku àwọn ọmọ `i` àtijọ́. Òbí wọn ti kúrò ní `v`, ó ti di `w` tó tóbi jù, ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ̀ka kẹta ló gbà wá: ó ti sọ ṣáájú pé `w` kò tóbi ju ọ̀kankan nínú wọn lọ. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí a ti lò ó nìyẹn, láìsí i kò sí ẹ̀rí. Àwọn ipò yòókù kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni òbí wọn.

Ìgbà tí a bá lo ẹ̀ka kẹta, a gbọ́dọ̀ dá a padà fún àyípo tó ń bọ̀. Ká ní `p` ju 0 lọ, tí òbí rẹ̀ wà ní ipò `g`. Ẹ̀ka kejì àtijọ́ sọ pé `A[g]` kò tóbi ju `w`. Àwọn ọmọ `p` báyìí ni `w` fúnra rẹ̀ ní ipò `i`, àti ọmọ ìyá `i` tí kò kéré ju `w`. Nítorí náà `A[g]` kò tóbi ju èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀ka kẹta ti padà sípò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí lúùpù bá parí, báwo la sì ṣe mọ̀ pé yóò parí?

Ọ̀nà méjì la lè gbà jáde. Bí `i` bá jẹ́ 0, kò ní òbí, ìyọ̀ǹda tí a fún un nínú ẹ̀ka kejì kò bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà òfin dúró níbi gbogbo. Bí a bá jáde nítorí `A[i]` kò kéré ju òbí rẹ̀, ìyẹn ni ẹyọ kan tó kù tí a kò tíì mọ̀, a ti wá mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú ẹ̀ka kìíní, ohun tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ híìpù, nọ́ńbà inú rẹ̀ sì pé.

Ó máa parí nítorí pé `(i-1)//2` máa ń kéré ju `i` nígbàkígbà tí `i` bá ju 0 lọ, `i` kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá 0. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan nínú híìpù lẹ́yìn tí a fi tuntun kún un, pípààrọ̀ kò lè ju 19 lọ.

Ẹ fi nọ́ńbà gidi hàn mí.

Híìpù wa jẹ́ `[4, 9, 7, 15, 10, 8]`, a fẹ́ fi 3 kún un.

```
i=6   [4, 9, 7, 15, 10, 8, 3]
i=2   [4, 9, 3, 15, 10, 8, 7]
i=0   [3, 9, 4, 15, 10, 8, 7]
```

Ìlà àárín ló yẹ kí ẹ dúró wò. `i` jẹ́ 2, 3 kò bá òbí rẹ̀ rẹ́, nítorí 4 ló wà lókè. Àwọn ọmọ ipò 2 ni 8 àti 7. Ẹ̀ka kẹta ní kí 4 má ṣe tóbi ju 8 tàbí 7, kò sì tóbi jù wọ́n lọ. Nígbà tí 4 sọ̀ kalẹ̀ sí ipò 2 ní ìlà ìkẹyìn, ó bá 8 àti 7 lábẹ́ rẹ̀, ìjà kò sì ṣẹlẹ̀.

Mo yọ `i > 0` kúrò, kóòdù mi sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé?

Ó dá lórí èdè tí ẹ fi kọ ọ́. Ní C tàbí Java, bí `i` bá jẹ́ `int`, `(0-1)/2` yóò di 0, nítorí àwọn èdè yẹn máa ń gé ìdajì lọ sí ìhà òdo. Kóòdù yóò fi `A[0]` wé ara rẹ̀, kò ní kéré ju ara rẹ̀, lúùpù á dúró. Oríire lásán nìyẹn. Bí `i` bá jẹ́ `size_t` ní C, 0 tí a yọ 1 nínú rẹ̀ yóò di nọ́ńbà gìrìwò kan, ẹ ó sì máa ka ibi tí kì í ṣe tiyín nínú mẹ́mórì.

Ti Python ló burú jù nítorí pé kì í pariwo. `(0-1)//2` jẹ́ `-1` níbẹ̀, `A[-1]` sì ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú àtòjọ. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, lẹ́yìn tí 3 ti dé orí, kóòdù yóò fi 3 wé 7 tó wà ní ìparí, yóò sì pààrọ̀ wọn: `[7, 9, 4, 15, 10, 8, 3]`. Lẹ́yìn náà `i` di `-1`, òbí rẹ̀ náà jẹ́ `-1`, lúùpù dúró. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí àṣìṣe lójú iboju, híìpù ti bàjẹ́. Ẹ̀ka kìíní ti sọ ọ́ pé `i` gbọ́dọ̀ jẹ́ ipò nínú `A`. `-1` kò sí lára wọn.

Ṣé `<=` dípò `<` jẹ́ àṣìṣe?

Rárá. Ẹ tún ẹ̀rí náà kà, ẹ ó rí i pé kò síbi tó ti nílò kí `v` kéré ju `w` gan-an. Kó má ti tóbi jù ú lọ ti tó. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni àkókò, nítorí pé àwọn nọ́ńbà tó dọ́gba yóò máa pààrọ̀ lásán.

Kóòdù tí mo rí kì í pààrọ̀. Ó ń fa òbí wálẹ̀, ó sì ń kọ `x` sílẹ̀ ní ìparí. Ṣé ẹ̀rí kan náà ni?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka kìíní máa yí. Láàárín iṣẹ́, òbí tí a fà wálẹ̀ wà ní ipò méjì, `x` kò sì sí níbì kankan lẹ́yìn àyípo àkọ́kọ́. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí: “bí a bá fi `x` sí ipò `i` nísinsìnyí, nígbà náà…”. Ìyókù kò yí padà. Bí `heapq` ti Python ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín o: fọ́ńṣọ̀n tó ń gbé nọ́ńbà gòkè sí orí níbẹ̀ ni wọ́n sọ ní `_siftdown`.

Ẹ má fojú kéré ẹ̀ka kìíní. Kóòdù tó bá sọ gbogbo ipò di 0 tẹ́ ẹ̀ka kejì àti ẹ̀kẹta lọ́rùn láìkù síbì kan.

Ṣé mo lè mú kọ̀ǹpútà máa yẹ gbólóhùn náà wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà ìdánwò. Ẹ pe èyí gẹ́gẹ́ bí ìlà àkọ́kọ́ nínú lúùpù, kí ẹ tún pè é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó bá parí:

```python
def ye_wo(A, i):
    n = len(A)
    for k in range(1, n):
        assert k == i or A[(k-1)//2] <= A[k]
    for c in (2*i+1, 2*i+2):
        assert i == 0 or c >= n or A[(i-1)//2] <= A[c]
```

Ó ń lọ káàkiri gbogbo àtòjọ ní àyípo kọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé iṣẹ́ jáde. Kò sì yẹ ẹ̀ka kìíní wò. Fún ìyẹn, ẹ fi `sorted(A)` wé ti àtijọ́ tí ẹ ti fi `x` kún.

Ṣé mo lè lo lúùpù yìí fún pípa nọ́ńbà rẹ́ láàárín híìpù?

Ẹ bi gbólóhùn náà. Bí ẹ bá dín nọ́ńbà tó wà ní ipò `i` kù, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dúró, ẹ jẹ́ kó gòkè. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ńlá, ẹ̀ka kejì lè wó láàárín òun àti ọmọ rẹ̀, lúùpù yìí kò sì ní ràn yín lọ́wọ́. Lúùpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ nílò.

Tí ẹ bá ń pa nọ́ńbà rẹ́, èyí tó kẹ́yìn ni a sábà máa ń gbé sí àyè rẹ̀, ọ̀pọ̀ kóòdù á sì mú un sọ̀ kalẹ̀ nìkan. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí `[1, 10, 2, 11, 12, 3, 4]`: ẹ pa 11 tó wà ní ipò 3. 4 ló máa bọ́ síbẹ̀, a ó ní `[1, 10, 2, 4, 12, 3]`. Kò ní ọmọ tó lè sọ̀ kalẹ̀ sí, òbí rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ó gbọ́dọ̀ gòkè, kó di `[1, 4, 2, 10, 12, 3]`.

Nígbà wo ni ẹ̀rí yìí kò ní wúlò?

Nígbà tí ìfiwéra fúnra rẹ̀ bá ń purọ́. A ti gbà pé bí `v` kò bá kéré ju `w`, `w` kò tóbi ju `v` nìyẹn. `float('nan')` kò tẹ̀ lé ìyẹn: kò kéré ju ohunkóhun, ohunkóhun kò sì kéré jù ú. Bó bá wọ inú híìpù, yóò jókòó síbi tó bá bọ́ sí, àwọn tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dúró lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀nà dí mọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tó pe `A.append`.

Ṣé àṣìṣe inú gbólóhùn àìyẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú kóòdù tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Timsort, kóòdù tó ń to àtòjọ láti kékeré dé ńlá, tí Tim Peters kọ fún Python ní 2002, tí Java náà sì mú lò, máa ń to gígùn àwọn ègé tó ti wà létòlétò jọ lórí ara wọn. Gbólóhùn tí wọ́n kọ fún un ní kí ègé kọ̀ọ̀kan gùn ju méjì tó wà lórí rẹ̀ lápapọ̀. Àwọn tó wà lókè nìkan ni kóòdù ń yẹ̀ wò, nítorí náà gbólóhùn náà lè wó nísàlẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ní 2015, Stijn de Gouw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ohun èlò KeY jẹ́rìí sí ti Java, ẹ̀rí náà kọ̀ láti parí. Ibi tó há sí ni wọ́n ti wá àtòjọ kan tó mú kí Java ju `ArrayIndexOutOfBoundsException` jáde, nítorí ààyè tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn gígùn yẹn kò tó. Àtúnṣe tí wọ́n dábàá ni kí kóòdù yẹ ègé kan sí i wò nísàlẹ̀.